Ọjọ́ Mẹ́ta Tó Ṣáájú Máratọ́ọ̀nù: Ẹ Gbé Ẹ̀wà Tì Ná, Ẹ Gbé Ìrẹsì Wá

Bí eré máratọ́ọ̀nù bá ku ọ̀la, ohun tó wọ́pọ̀ láàárín àwa tí a ń sáré fún ìgbádùn ni kí á jókòó ti òkìtì iyán lálẹ́, kí á fi ẹ̀fọ́ rírò àti ẹran ògúnfe gbé e lọ, kí á sì lọ sùn pẹ̀lú ọkàn pé agbára ọ̀la ti wọlé. Àwọn mìíràn á ní ẹ̀wà làwọn fẹ́, nítorí ẹ̀wà ni wọ́n fi tọ́ àwọn dàgbà. Àwọn tó ń tẹ̀ lé ìmọ̀ràn dókítà ní gbogbo ọdún á wá wíìtì, óòtì àti èso aléèpo lọ. Tó bá di ọjọ́ kejì, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lórí afárá, ẹsẹ̀ á sì kọ̀ kí wọ́n tó rí òpin eré. Kò sí ohun tó burú nínú oúnjẹ wọ̀nyí. Àsìkò tí wọ́n jẹ wọ́n ni kò bá a mu, wọ́n sì tún fẹ́ fi alẹ́ kan ṣe iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta.

Iṣẹ́ náà ni kí á kó oúnjẹ afáralókun, èyí tí àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ń pè ní kábọ́háídíréètì, pamọ́ sínú iṣan. Ìrẹsì, iṣu, búrẹ́dì àti ṣúgà tí a bá jẹ ni ara máa ń lọ̀ di gulúkóòsì tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Èyí tí ara kò bá lò lójú ẹsẹ̀ ló máa ń tọ́jú sínú ẹ̀dọ̀ki àti sínú iṣan. Orúkọ ohun tó tọ́jú yìí ni gìláíkójìn. Nínú ẹ̀dọ̀ki, ó tó nǹkan bí 100 gíráàmù. Nínú gbogbo iṣan ara, ó máa ń tó nǹkan bí 400 gíráàmù. Gíráàmù kan ń mú kálórì 4 wá, nítorí náà gbogbo ohun tó wà nípamọ́ jẹ́ nǹkan bí kálórì 2,000.

Ẹ wá wo iye tí eré náà ń ná ara. Kìlómítà 42 àti mítà 195 ni máratọ́ọ̀nù. Ẹni tó ń sáré ń ná nǹkan bí kálórì kan fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹni tó wọn kílò 60 yóò ná nǹkan bí 2,500 kó tó dé òpin. Ọ̀rá ara ń san díẹ̀ nínú gbèsè yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rá kì í yára jó, bí eré bá sì ṣe le tó ni ara ṣe ń gbójú lé gìláíkójìn tó. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ eléré kò mọ̀: gìláíkójìn tó wà nínú iṣan apá kò lè kúrò níbẹ̀ lọ ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́. Èyí tó wà ní itan àti ojúgun ni ẹsẹ̀ ní, pẹ̀lú ìwọ̀nba tí ẹ̀dọ̀ki ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí ọpọlọ náà ń bá a du. Ìdí nìyí tí eléré fi lè máa ṣe dáadáa títí dé nǹkan bí kìlómítà 30, kí ẹsẹ̀ tó wá wúwo lójijì, kí òòyì máa kọ́ ọ, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Lọ́dún 1966, àwọn dókítà méjì ní Sítọ́kóòmù, lórílẹ̀-èdè Súwídìn, fi ara wọn ṣe ìdánwò tó la ọ̀rọ̀ yìí yé wa. Jonas Bergström àti Eric Hultman gbé kẹ̀kẹ́ adúrósójúkan kan sáàárín. Ọ̀kan jókòó lápá ọ̀tún, èkejì jókòó lápá òsì, olúkúlùkù sì ń fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo wà á títí ẹsẹ̀ náà fi rẹ̀ pátápátá. Ẹsẹ̀ kejì kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ bu díẹ̀ nínú iṣan ẹsẹ̀ méjèèjì wò, wọ́n sì jẹ oúnjẹ afáralókun fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n tún bu iṣan wò, gìláíkójìn inú ẹsẹ̀ tó ṣiṣẹ́ ti tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ti ẹsẹ̀ tó sinmi. Ẹnu kan náà ló jẹun, ẹ̀jẹ̀ kan náà ló gbé e kiri, síbẹ̀ ẹsẹ̀ tó ti ṣiṣẹ́ ló kó o jọ. Ẹni tí kò bá tí ì ṣe ìdánrawò rárá, tó wá ń jẹ òkìtì ìrẹsì, kò ní rí èrè kan náà.

Àṣà líle kan jáde láti inú ìwádìí ìgbà yẹn. Ní ọ̀sẹ̀ eré, eléré á kọ́kọ́ sáré títí á fi rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, á fi ọjọ́ mẹ́ta jẹ ẹran, ẹyin àti ọ̀rá, kó tó wá fi ọjọ́ mẹ́ta tó kù jẹ afáralókun. Ron Hill, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lò ó, ó sì gba wúrà nínú máratọ́ọ̀nù ilẹ̀ Yúróòpù ní Átẹ́ẹ̀nì lọ́dún 1969. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta ẹran yẹn kò rọrùn: àárẹ̀ á mú eléré, gbogbo nǹkan á sì máa bí i nínú. Lọ́dún 1981, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé kò pọn dandan. Bí eléré bá ti dín ìdánrawò kù, tó sì jẹ afáralókun dáadáa fún ọjọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn, iṣan rẹ̀ á kún bákan náà. Lọ́dún 2002, ìwádìí láti Ọsirélíà tiẹ̀ fi hàn pé ọjọ́ kan lè tó fún eléré tó ti gbára dì, bó bá sinmi, tó sì jẹ gíráàmù 10 fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n. Síbẹ̀, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni mo fara mọ́ fún èmi àti ẹ̀yin, nítorí ikùn tí kò mọ irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kì í gbà á pẹ̀lẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ eléré ń dá lámọ̀ràn báyìí ni gíráàmù 10 sí 12 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, fún wákàtí 36 sí 48 tó ṣáájú eré tó bá máa ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ. Ẹni tó fẹ́ sá kìlómítà 10 kò nílò rẹ̀. Oúnjẹ tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ ti tó o. Fún ẹni tó fẹ́ sá máratọ́ọ̀nù, tó sì jẹ́ pé gíráàmù 10 kò wọlé, 8 sàn ju kó máa jẹ títí inú á fi fẹ́ bẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan tó wọn kílò 60, tó fẹ́ sá Máratọ́ọ̀nù Ìlú Èkó. Eré yẹn, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2016, máa ń wáyé lóṣù Kejì, lọ́jọ́ Sátidé, láti pápá ìṣeré ńlá Sùúrùlérè, gba orí afárá gígùn tó dá ọ̀sà kọjá, lọ parí sí Èkó Àtìláńtíìkì. Bó bá fẹ́ jẹ gíráàmù 10 fún kílò kọ̀ọ̀kan, 600 gíráàmù lójúmọ́ ló ń wá, ní Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Ẹtì. Ní Ọjọ́rú, kò tí ì nílò láti fi kún oúnjẹ púpọ̀. Ohun tí yóò ṣe lọ́jọ́ náà ni kí ó sáré ráńpẹ́ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹ̀wà, àgbàdo, ewébẹ̀ àti ẹ̀pà kúrò nínú àwo rẹ̀. Ọjọ́bọ̀, kò ní sáré rárá. Ọjọ́ Ẹtì, ó lè sáré pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, tàbí kó jókòó sílé. Ẹni tó bá ń fi eré líle dán ara rẹ̀ wò ní Ọjọ́bọ̀ ń ná ohun tó ń kó jọ.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, á mu ẹ̀kọ gbígbóná abọ́ ńlá kan, á sọ kóró ṣúgà mẹ́fà sí i, á sì fi búrẹ́dì Agége tó wọn 150 gíráàmù tẹ̀ ẹ́. Ìyẹn ti mú nǹkan bí 145 gíráàmù afáralókun wá. Kó tó di ọ̀sán, á jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tó pọ́n dáadáa, á sì mu ẹlẹ́rìndòdò 50 sẹ̀ǹtílítà kan: nǹkan bí 70 mìíràn. Lọ́sàn-án, ìrẹsì funfun sísè tó wọn 400 gíráàmù, tí í ṣe àwo kan tó kún, á mú 112 wá. Ẹja kan àti ṣíbí ọbẹ̀ mélòó kan ló máa bá a lọ. Lọ́jọ́ yìí, ìrẹsì ló yẹ kó pọ̀, kí ọbẹ̀ kéré. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin, búrẹ́dì 100 gíráàmù pẹ̀lú ṣíbí oyin ńlá méjì á fi 80 kún un. Lálẹ́, ìrẹsì 350 gíráàmù, tàbí sìpàgẹ́ẹ̀tì funfun bó bá ti sú u, pẹ̀lú omi èso sísẹ́ ife kan: nǹkan bí 130. Kó tó sùn, ẹ̀kọ mímu aláṣúgà kékeré kan á mú 60 wá. Ẹ ṣírò rẹ̀; ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 600.

Bí ẹ bá ka oúnjẹ yẹn, ẹ ó rí i pé kò sí ohun ìwúrí kan níbẹ̀. Ìyá ìyàwó tó bá yà kí yín lọ́jọ́ náà lè rò pé owó ti tán lọ́wọ́ yín. Ìrẹsì, búrẹ́dì, ṣúgà, ẹ̀kọ: gbogbo ohun tí wọ́n ti ń kìlọ̀ fún yín pé kí ẹ dín kù ni. Fún ọjọ́ méjì péré, fún ara tó ti ṣe ìdánrawò oṣù púpọ̀, àwọn gan-an ló yẹ. Ohun tí ẹ óò sì kíyè sí nínú ètò náà ni pé oúnjẹ náà pín sí ìgbà mẹ́fà, apá kan rẹ̀ sì jẹ́ mímu. Bí obìnrin yìí bá sọ pé òun á jẹ 600 gíráàmù afáralókun nínú ìjókòó mẹ́ta, kò ní lè parí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún àwọn obìnrin pàápàá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń fi ìrẹsì rọ́pò ẹran, ṣùgbọ́n wọn kì í fi kún gbogbo oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ, nítorí ẹ̀rù pé àwọn á sanra. Nígbà tí àwọn olùwádìí wo iṣan àwọn obìnrin tó ṣe bẹ́ẹ̀, gìláíkójìn wọn kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i. Oúnjẹ lápapọ̀ ló ní láti pọ̀ díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ kí iṣan tó kún.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì tàbí Sátidé, kí obìnrin yìí gun òṣùwọ̀n. Bó bá fi kílò kan tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ wúwo sí i, kí inú rẹ̀ dùn. Gíráàmù gìláíkójìn kan ń gbé nǹkan bí gíráàmù omi mẹ́ta dání wọ inú iṣan. Bó bá ti kó 250 gíráàmù jọ lé ti tẹ́lẹ̀, kílò kan ti wọlé nìyẹn, omi sì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kì í ṣe sísan ara. Ẹsẹ̀ lè le díẹ̀, kó sì dà bí ẹni pé ó wúwo. Bí òṣùwọ̀n kò bá yí padà rárá, ó ṣeé ṣe kí oúnjẹ náà má tó. Bí kílò bá sì pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ikùn ló wú, tí kò yà ìgbẹ́ láti ọjọ́ méjì, ibòmíràn ni ẹrù náà wà. Ibẹ̀ la ti dé ọ̀rọ̀ fáíbà.

Fáíbà ni apá inú ewébẹ̀, ẹ̀wà, èèpo èso àti háhá ọkà tí ara ènìyàn kò lè lọ̀. Nínú ọdún yòókù, ọ̀rẹ́ wa ni: ó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọ̀, kí ebi má sì tètè pa wá. Nítorí pé kò ṣeé lọ̀, ó máa ń kọjá nínú ìfun tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sínú ìfun ńlá, níbi tó ti ń fa omi mọ́ra, tó ń wú, tí àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ìfun sì ń jẹ ẹ́, tí wọ́n ń tú afẹ́fẹ́ jáde. Ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì lè mú un mọ́ra. Ẹni tó ń sáré kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí eré bá ti ń gbóná, ara á gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ìfun fún ẹsẹ̀, á tún fún awọ ara kí ara lè tutù, ìfun tí ẹ̀jẹ̀ ti dín kù nínú rẹ̀ á wá máa jì sókè sódò ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kan ilẹ̀. Inú rírun, ìso, àti kí ìgbọ̀nsẹ̀ máa gbọn ènìyàn lójijì ni èrè rẹ̀.

Kò sí ẹni tó ju èyí lọ. Paula Radcliffe, tó ti kọ́ gbogbo ayé bí obìnrin ṣe ń sá máratọ́ọ̀nù, dúró lẹ́bàá títì nínú máratọ́ọ̀nù Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2005 nítorí inú rírun, ó sì ya ìgbọ̀nsẹ̀ lójú kámẹ́rà. Ó ṣì gba ipò kìíní, ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 17 àti ìṣẹ́jú àáyá 42. Àwa tí a kò ní irú ẹsẹ̀ yẹn kò ní ìṣẹ́jú tí a lè fi ṣòfò lẹ́bàá títì.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ fáíbà jẹ́ ti ọjọ́ mẹ́ta, tí kì í ṣe ti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì nìkan, ni pé oúnjẹ máa ń lò tó wákàtí 24 sí 72 nínú ara kí ìyókù rẹ̀ tó jáde. Ẹ̀wà tí ẹ jẹ ní Ọjọ́bọ̀ lè wà pẹ̀lú yín lórí ìlà ìbẹ̀rẹ̀ eré ní Sátidé. Nítorí náà, ẹni tó rántí fáíbà lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì ti pẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi àwo kan náà wé ara wọn. Ìrẹsì funfun sísè 300 gíráàmù ní afáralókun bí 84, fáíbà rẹ̀ kò sì ju bíi gíráàmù kan lọ. Ẹ̀wà sísè tó wọn bákan náà ní afáralókun bí 62, fáíbà rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20. Bí obìnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ bá fẹ́ fi ẹ̀wà nìkan kó 600 gíráàmù rẹ̀ jọ, á jẹ tó kílò mẹ́ta lóòjọ́. Mi ò gbàdúrà kí ẹnikẹ́ni sáré tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ iyán ló máa bí àwọn kan nínú, pàápàá àwọn ará Èkìtì. Iṣu tó wọn 300 gíráàmù ní afáralókun bí 82, èyí tó súnmọ́ ti ìrẹsì gan-an. Àmọ́ fáíbà inú rẹ̀ tó gíráàmù 12, gígún kò sì yọ ọ́ kúrò. Kò burú tó ẹ̀wà, ẹni tó bá sì ti mọ́ lára lè jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀. Ohun tó wá ń ba òkèlè jẹ́ ju òkèlè fúnra rẹ̀ lọ ni ọbẹ̀. Òkèlè kì í dá lọ. Ẹ̀fọ́ rírò, ewédú, ilá ló ń tì í, ewé àti èso tó kún fún fáíbà sì ni gbogbo wọn. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ jẹ òkèlè, fùfú tí wọ́n sẹ́ dáadáa pẹ̀lú ọbẹ̀ ata kékeré tí kò ní òróró púpọ̀ ló sàn jù, kí ata rẹ̀ má sì ta jù, nítorí ata líle náà ń da ìfun láàmú lórí eré.

Ẹ̀kọ ni mo máa ń dá láre nínú gbogbo oúnjẹ ilẹ̀ wa lásìkò yìí. Àwọn tó ń ṣe ògì ti bá wa ṣe iṣẹ́ náà láti ayébáyé: wọ́n á rẹ àgbàdo, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi asẹ́ sẹ́ ẹ, èèrí á lọ fún ẹran ọ̀sìn, èyí tó ṣàn sílẹ̀ á di ògì. Inú èèrí yẹn ni ọ̀pọ̀ fáíbà àgbàdo náà bá lọ. Ìdí rèé tí àgbàdo bíbọ̀ àti gúgúrú fi jẹ́ ọ̀tá eléré lọ́sẹ̀ náà, tí ẹ̀kọ tó ti inú àgbàdo kan náà jáde sì jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bákan náà ni ọsàn. Bí a ṣe ń fà á nílẹ̀ yìí, tí a ń mu omi rẹ̀, tí a sì ń da ìyókù nù, ló dára jù. Oṣù Kejì ni agbálùmọ̀ sì gbòde. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ Àìkú.

Ẹ má mú mílíìkì pọ̀ nínú ẹ̀kọ náà. Lọ́dún 1971, Olikoye Ransome-Kuti, tó wá di mínísítà ètò ìlera lẹ́yìn náà, wà lára àwọn tó ṣe ìwádìí kan lórí àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà, tí wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ jù lọ àgbàlagbà Yorùbá kò lè lọ ṣúgà inú wàrà dáadáa, nígbà tó jẹ́ pé àwọn Fúlàní lè ṣe bẹ́ẹ̀ jù wọ́n lọ. Wàrà tí ara kò lọ̀ máa ń ṣe inú bí fáíbà ṣe ń ṣe é. Ẹni tó mọ̀ pé mílíìkì díẹ̀ kì í ṣe òun ní nǹkan kan lè mu díẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n kí á bu agolo kan sí i nítorí eré ọ̀la kò mọ́gbọ́n wá.

Ọ̀rá ni àṣìṣe tó tẹ̀ lé e. Dòdò, ìrẹsì tí wọ́n fi òróró dín, ìndómì tó ti kọjá nínú òróró kó tó dé inú páálí: ènìyàn á rò pé òun ń jẹ afáralókun, òróró sì ti gba ìdajì àyè. Ọ̀rá ń mú oúnjẹ pẹ́ nínú ikùn, ó sì ń mú ènìyàn yó kó tó jẹ ìwọ̀n tó ń wá. Lọ́jọ́ Ẹtì, kí oúnjẹ tó pọ̀ jù jẹ́ ti ọ̀sán. Oúnjẹ alẹ́ á kéré, á sì ti parí kó tó di aago méje, nítorí aago mẹ́ta ààbọ̀ òru ni aláàmù á dún.

Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, gìláíkójìn inú iṣan ẹsẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú ẹ̀dọ̀ki ti dín kù gan-an, torí ọpọlọ ti ń ná an ní gbogbo òru. Ó yẹ kí á tún un kún. Gíráàmù 2 fún kílò kọ̀ọ̀kan, wákàtí mẹ́ta kí eré tó bẹ̀rẹ̀, tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn: fún obìnrin yìí, ìyẹn á jẹ́ 120, ẹ̀kọ mímu aláṣúgà àti búrẹ́dì funfun bí 130 gíráàmù sì ti mú un pé. Kí ó mu omi bí òùngbẹ bá ṣe ń gbẹ ẹ́, kó má ṣe mu omi ní tipátipá. Ẹni tó mu omi lásán ní àmujù lè jẹ́ kí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀, ìyẹn sì léwu ju òùngbẹ lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé èyí tó wà nípamọ́ á tó gbé òun dé òpin eré láìfi nǹkan kan kún un. Lórí eré, gíráàmù 30 sí 60 ni ó yẹ kó máa wọlé ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, láti inú ohun mímu aláṣúgà tàbí ohun mìíràn tó ti mọ́ eléré lára. Èrè tí àwọn ìwádìí ń rí nínú kíkó afáralókun pamọ́ ni pé ó ń mú eré tó gùn ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ yá ní nǹkan bí ìdá 2 sí 3 nínú ọgọ́rùn-ún. Fún ẹni tó ń lo wákàtí mẹ́rin ààbọ̀, ìyẹn jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́jọ. Kò sọ ẹnikẹ́ni di ará Kẹ́ńyà, àmọ́ ó lè jẹ́ kí ènìyàn sáré kọjá ibi tí ì bá ti máa rìn.

Ètò yìí kì í ṣe fún ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ ti gbọ́, tó sì ti bá a ṣètò oògùn rẹ̀ mọ́ ọn, nítorí ìwọ̀n ṣúgà tí a kà sílẹ̀ yìí lè gbé e dé ilé ìwòsàn kó tó dé pápá. Ẹ̀yin yòókù, ẹ wá òpin ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ fẹ́ sá eré gígùn, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí máratọ́ọ̀nù yín tó dé, kí ẹ fi ọjọ́ méjì tó ṣáájú rẹ̀ jẹ oúnjẹ yìí gẹ́gẹ́ bí ẹ óò ṣe jẹ ẹ́. Ohun tí inú yín bá kọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ohun tí ẹ kò bá sì tíì jẹ rí ṣáájú eré, ẹ má jẹ ẹ́ ní Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Ẹtì.